Ṣéńjófà Jẹnẹrétọ̀ Tó Ń Kùn, Tó Ń Ta Pàrà, Tàbí Tí Kọ́ńtáàtì Rẹ̀ Ti Jó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Oníṣẹ́ iná ni mí ní Ìbàdàn, àwọn ìbéèrè yìí sì ni àwọn onílé àti ayálégbé máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ ṣéńjófà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nílé wa ni mò ń sọ: àpótí ara ògiri tó ní ọwọ́ kan, tí à ń tì sí apá kan fún iná NẸ́PÀ, sí apá kejì fún jẹnẹrétọ̀, tí òdo sì wà láàárín. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí: bí ọwọ́ ṣéńjófà bá tilẹ̀ wà ní òdo, tí gbogbo ilé ṣókùnkùn, iná NẸ́PÀ ṣì wà lórí sikúrúù tó ń gbé e wọlé. Ẹni tí kò bá lè pa iná láti bírékà ìdí mítà tàbí láti orí òpó kò gbọdọ̀ ṣí àpótí náà.

Ṣéńjófà mi ń kùn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí ni?

Rárá. Ṣéńjófà alọ́wọ́ kò ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú, kò ní mọ́tò, kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀. Bàbà ló wà níbẹ̀, tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ra, òun là ń pè ní kọ́ńtáàtì. Bí bàbà bá lẹ̀ mọ́ bàbà dáadáa, iná á gba ibẹ̀ kọjá láìdún. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn, ibì kan ti wà tí ohun méjì tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ra kò lẹ̀ mọ́ra mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń yọ sílẹ̀, ìyẹn ìdérí páànù tí sikúrúù rẹ̀ ti tú, tí ìṣàn iná wá ń gbọ̀n ón. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ máa pa àwọn ohun èlò ńláńlá nínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa tẹ́tí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí híítà omi, ẹ lọ sórí ẹ̀rọ amúlétutù, lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù. Bí ohùn náà bá ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó sì ń ṣe ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ nígbà míì, tí kì í dún geere, kọ́ńtáàtì ni tàbí sikúrúù tó so wáyà mọ́ ọn. Ohùn ìdérí máa ń geere ni, ó sì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá fún sikúrúù rẹ̀ le.

Kí ló ń dún gan-an nínú ibẹ̀?

Iná tiwa máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú lílọ àti bíbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń lágbára jù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ìgbà 100 ni agbára rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kọ́ńtáàtì bá ti dẹ̀, àwọn ibi kéékèèké tó ṣì ń kan ara wọn á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á yà, iná á fo àlàfo náà, wọ́n á tún padà kàn. Ìfò yẹn ni ẹ ń gbọ́. Pàrà ni, ó kàn kéré débi pé ojú kò rí i ni.

Ohùn nìkan kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ìdènà kọ́ńtáàtì tó dára kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún òómù kan. Bí áńpù 40 bá gba irú kọ́ńtáàtì bẹ́ẹ̀ kọjá, ooru tó máa mú jáde kò tó wáàtì 2. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ó ti dẹ̀, ìdènà rẹ̀ sì ti di ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún. Áńpù 40 yẹn kan náà á mú wáàtì 32 jáde lójú ibi tí kò tó èékánná. Áyọ́ọ̀nù tí oníṣẹ́ rédíò fi ń yọ́ òjé kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, àyè kékeré sì ni ooru yìí há sí, láàárín rọ́bà àti bákẹ́láìtì.

Ooru yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ síwájú sí i. Ó ń sọ ojú bàbà di dúdú, dúdú náà sì ń dènà iná. Ó tún ń rọ sípíríǹgì. Sípíríǹgì tó ti gbóná jù kì í padà le mọ́ lẹ́yìn tó bá tutù. Bí ìtẹ̀mọ́ra bá ti dín kù, ìdènà á tún gòkè, ooru á tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ṣéńjófà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lóṣù yìí kì í pẹ́ kó tó máa rùn.

Ó máa ń ta pàrà bí mo bá ń yí ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ewu ni?

Pàrà kékeré tó tàn lẹ́ẹ̀kan tó sì kú lójú ẹsẹ̀ kì í ṣe ewu lóòjọ́. Ibikíbi tí a bá ti já iná tó ń ṣàn lójijì, yóò gbìyànjú láti fo àlàfo. Ṣùgbọ́n pàrà kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú fàdákà ojú kọ́ńtáàtì, àpapọ̀ wọn ló sì ń pa ṣéńjófà ilé wa, torí pé à ń yí i lójoojúmọ́, nígbà míì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, pẹ̀lú gbogbo ẹrù ilé lórí rẹ̀, ìyẹn lóòdù, ohun gbogbo tó ń lo iná nínú ilé.

Ohun tó ní mọ́tò ló ń ta pàrà tó gùn jù: fírísà, ẹ̀rọ amúlétutù, pọ́ńpù kànga. Mọ́tò kì í fẹ́ kí ìṣàn iná inú rẹ̀ dúró lójijì, nítorí náà pàrà á nà láàárín kọ́ńtáàtì méjèèjì bí wọ́n ti ń jìnnà síra. Bí mọ́tò bá tún ń gbéra, áńpù tó ń fà máa ń tó ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà iye tó ń lò bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá yí ṣéńjófà láti NẸ́PÀ sí jẹnẹrétọ̀ láìpa ohunkóhun ti jẹ kọ́ńtáàtì méjì níyà lẹ́ẹ̀kan: ó fi pàrà jíjá jó èyí tó kúrò lórí rẹ̀, ó sì fi ìgbéra mọ́tò jó èyí tó lọ bá.

Bó ṣe yẹ ká yí i rèé. Ẹ kọ́kọ́ pa bírékà ńlá tó wà nínú àpótí bírékà ilé. Ẹ ti ọwọ́ ṣéńjófà sí òdo, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹ wá ti ọwọ́ sí apá jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíákíá, kó sì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yìn èyí lẹ ó tó gbé bírékà sókè. Kí ẹ fún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i kí ẹ tó tàn wọ́n, torí bí kọ́ńpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra nígbà tí gáàsì inú rẹ̀ ṣì le, á há, á sì máa fa áńpù ìgbéra yẹn láìdúró.

Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kò dára fún ṣéńjófà rárá. Mo rí àwọn tó ń rọra tì í nítorí ẹ̀rù pàrà, ìrọra yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí pàrà pẹ́. Bákan náà ni ẹni tí kò tì í débi tó yẹ: ojú kọ́ńtáàtì kan ìdajì, gbogbo ẹrù ilé wá ń gba ìdajì yẹn kọjá.

Pàrà tó ń tàn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ọwọ́ ṣéńjófà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ pa bírékà ìdí mítà, ẹ má sì tan án títí oníṣẹ́ iná á fi dé.

Láìṣí i, kí ni mo lè fi mọ̀ pé inú ti ń jó?

Imú yín á kọ́kọ́ mọ̀. Bákẹ́láìtì àti àwọn pílásítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe inú ṣéńjófà máa ń rùn bí ẹja tó fẹ́ bàjẹ́ nígbà tí ooru bá mú wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé ti wá òkú eku lẹ́yìn àpótí títí, ṣéńjófà ló ń rùn. Bí òórùn ẹja bá ń jáde níbi tí ẹja kò sí, ní pàtàkì ní alẹ́ tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ sídìí ṣéńjófà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọ̀ ìdérí. Bí ó bá ti pọ́n lójú kan, tàbí ògiri òkè rẹ̀ ti dúdú, ooru ti ń jáde. Ẹ tún kíyè sí gílóòbù: bí iná bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá tan áyọ́ọ̀nù, tí ilé aládùúgbò kò sì ṣẹ́jú, inú ilé yín ni ìdẹ̀ náà wà. Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fọwọ́ kan ìdérí onírin tó ń dún. Bí wáyà bá ti jó débi tó fi kan páànù, páànù náà ti di iná.

Wọ́n tú u, ojú kọ́ńtáàtì dúdú. Ṣé ó ti jó nìyẹn?

Kì í ṣe gbogbo dúdú ni jíjó, àṣìṣe tó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyí. Fàdákà ni wọ́n máa ń fi bo ojú kọ́ńtáàtì tó dára. Fàdákà máa ń dúdú fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí yẹtí àti ọ̀rùka rẹ̀ ṣe ń ṣe, dúdú yẹn sì fẹ́lẹ́, iná ń gbà á kọjá. Bó bá dúdú geere, tó dán, tí ojú rẹ̀ ṣì tẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tó jó yàtọ̀. Ojú rẹ̀ á ní ihò kéékèèké, tàbí ìlẹ̀kẹ̀ irin tó yọ́ tó sì dì sí etí rẹ̀. Pupa bàbà á ti yọ níbi tí fàdákà ti tán. Ara bàbà tó wà nítòsí á ní àwọ̀ aláró tàbí èsè àlùkò, èyí tó ń sọ pé ooru ti gba inú irin náà kọjá, kò dúró sójú nìkan. Ohun tí mo máa ń wò jù ni sípíríǹgì, àní ju ojú kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀ lọ. Mo máa ń fi sikúrúdíráífà tẹ ti féèsì, wáyà tó ń gbé iná wá, àti ti níútírà, wáyà tó ń dá a padà, wò lẹ́yìn tí a bá ti já iná lókè. Bí ọ̀kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ọjọ́ ti lọ lórí ṣéńjófà náà.

Kí ni ibi tó ti jó ń sọ fún oníṣẹ́ iná?

Ó ń sọ púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ń jẹ́ kí wọ́n sọ ògbólógbòó nù kí n tó wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdí sikúrúù ló ti jó tàbí ojú tí bàbà ti ń kan bàbà. Bí rọ́bà wáyà bá ti gan, tó dúdú, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ nítòsí sikúrúù, tí ojú kọ́ńtáàtì inú sì mọ́, ṣéńjófà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó de wáyà ni kò dè é le, tàbí wáyà náà ti dẹ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà alumíníọ́ọ̀mù ló ń ṣe èyí jù. Ọ̀pọ̀ wáyà tó ń bọ̀ láti orí òpó sínú ilé ni alumíníọ́ọ̀mù. Irin rírọ̀ ni. Bí sikúrúù bá tẹ̀ ẹ́, tó gbóná tó tutù léraléra, á máa fẹ̀ kúrò lábẹ́ sikúrúù díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì tún ń fi awọ kan bo ojú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Lọ́ọ̀gì, ìyẹn irin ìdè tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ orí wáyà, èyí tó ní alumíníọ́ọ̀mù lápá kan tó ní bàbà lápá kejì, ló tọ́ sí i.

Bí ó bá jẹ́ ojú kọ́ńtáàtì ló jó, ẹ wò ó bóyá orí rẹ̀ ni tàbí àárín. Kọ́ńtáàtì tó ń já iná pẹ̀lú ẹrù máa ń jó ní orí, níbi tí bàbà méjèèjì ti kọ́kọ́ ń kan ara wọn tí wọ́n sì ti ń pínyà kẹ́yìn. Ìlò ọwọ́ ló fa èyí. Bí àárín bá jó, níbi tí iná ti ń kọjá nígbà tí ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́, ìtẹ̀mọ́ra ló ti dín kù tàbí ẹrù ló ju agbára rẹ̀ lọ.

Bí níútírà nìkan ló jó, mo máa ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ilé onífésì kan, bí níútírà bá já, gbogbo gílóòbù á kú, ẹ ó rò pé iná ti lọ, bẹ́ẹ̀ iná wà nínú gbogbo wáyà ilé. Nínú ilé onífésì mẹ́ta, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: fóòtì á pín sí yàrá kan ju òmíràn lọ, àwọn gílóòbù ìyẹ̀wù kan á mọ́lẹ̀ yanranyanran, ti òmíràn á ṣe bàìbàì, fóòtì 230 sì lè gòkè sún mọ́ 400 lórí tẹlifíṣọ̀n ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mò ń lò, síbẹ̀ apá jẹnẹrétọ̀ ló jó. Wọ́n ní lóòdù mi ti pọ̀jù.

Ẹ má gbà á. Jẹnẹrétọ̀ kò lè fúnni ju ohun tó ní lọ. Èyí tó kéré jù, tó ń fúnni ní wáàtì 650, kò lè gbé áńpù 3 wá sórí ṣéńjófà. Èyí tí wọ́n kọ 3.5 kVA sí lára ń gbé bí áńpù 15. Tí ẹ bá sì gbé gbogbo ilé lé e lórí, jẹnẹrétọ̀ náà ló máa kígbe tàbí kó já bírékà ara rẹ̀. Ṣéńjófà áńpù 63 kò lè jó nítorí áńpù 15.

Nítorí náà, bí apá jẹnẹrétọ̀ bá jó nílé oníjẹnẹrétọ̀ kékeré, ohun méjì ni mo máa ń wá. Èkíní ni wáyà tínínrín onírun-púpọ̀ tí wọ́n fi gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé, tí wọ́n kàn lọ́ orí rẹ̀ tì bọ abẹ́ sikúrúù ńlá. Sikúrúù yẹn ń tẹ irun díẹ̀, àwọn yòókù wà lófìfo. Jẹnẹrétọ̀ tún ń gbọ̀n, ìgbọ̀n náà sì ń bá wáyà wá. Kí wọ́n fi lọ́ọ̀gì tẹ orí rẹ̀, kí wọ́n tún fún un le. Èkejì ni yíyí ṣéńjófà pẹ̀lú ẹrù, tí mo ti sọ lókè. Orí kọ́ńtáàtì ni yóò fi èyí hàn.

Apá NẸ́PÀ ni lóòdù ti lè jẹ́ òótọ́, torí òpó kò mọ iye áńpù tí ṣéńjófà yín lè gbé. Ó ń fún yín ní ohun tí ẹ bá bèèrè títí fíúsì kan yóò fi já.

Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá lóòdù ni tàbí kọ́ńtáàtì?

Mo máa ń wọ̀n ohun méjì: áńpù tó ń kọjá, àti fóòtì tó ń sọnù lójú kọ́ńtáàtì. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan ní Àkóbọ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ilé onífésì kan ni, ṣéńjófà áńpù 63, jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA. Ìyá ilé ní ó ń kùn ní alẹ́, ó sì ń rùn. Ọmọ iṣẹ́ kan ti sọ fún wọn pé lóòdù pọ̀, kí wọ́n ra ti áńpù 100. Nígbà tí mo dé ní nǹkan bí aago méje alẹ́, mo ní kí wọ́n tan ohun tí wọ́n máa ń tàn. Híítà omi ń fa áńpù 13, ẹ̀rọ amúlétutù méjì ń fa 11 lápapọ̀, pọ́ńpù 6, áyọ́ọ̀nù 5, fíríìjì àti fírísà 3, gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n 3. Mo fi kíláńpù mítà mú wáyà tó ń wọlé: 41 ló kọ. Áńpù 41 lórí ṣéńjófà 63 kì í ṣe àpọ̀jù.

Mo wá fi mítà wọn fóòtì láti sikúrúù òkè dé sikúrúù ìsàlẹ̀ lórí ọ̀nà iná kan náà nínú ṣéńjófà, nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ eléwu nìyí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó yẹ. Bí kọ́ńtáàtì bá dára, ó yẹ kí iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Lórí níútírà, fóòtì 0.04 ni mo rí. Lórí féèsì, 0.9. Ẹ fi áńpù sọ fóòtì di púpọ̀, ẹ ó rí ooru rẹ̀:

```
níútírà: 41 × 0.04 = wáàtì 1.6
féèsì:   41 × 0.9  = wáàtì 36.9
```

Áńpù kan náà ló gba méjèèjì kọjá. Bí ẹrù bá ni ọ̀ràn, méjèèjì ni ì bá gbóná bákan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló sọ ọ́: kọ́ńtáàtì féèsì apá NẸ́PÀ ló kú. Nígbà tí a tú u, sikúrúù rẹ̀ le, rọ́bà wáyà mọ́, ṣùgbọ́n orí kọ́ńtáàtì náà ti ní ihò, sípíríǹgì rẹ̀ sì ti rọ̀. Wọ́n ti ń yí i láti ọjọ́ pípẹ́ pẹ̀lú fírísà àti ẹ̀rọ amúlétutù lórí rẹ̀. Ti áńpù 63 mìíràn tó dára ni mo fi sí i, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ilé bí wọ́n ṣe ń pa bírékà kí wọ́n tó yí i. Bí wọ́n bá ra ti 100 láìyí ìlò padà, òun náà ì bá jó.

Bí ó bá jẹ́ pé 58 tàbí 60 ni kíláńpù mítà kọ ní alẹ́ yẹn, èsì mi ì bá yàtọ̀. Ṣéńjófà tó ń gbé iye tí wọ́n kọ sí i lára fún wákàtí gígùn, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, nínú ooru tiwa, kò ní pẹ́.

Ṣé a ò kàn lè fi yanpẹ́pà ha á?

Bí ẹ bá ha á, ohùn á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n fàdákà tó kù lójú kọ́ńtáàtì ni yanpẹ́pà ń ha kúrò, bàbà ìhòòhò ló ń ṣẹ́ kù, bàbà sì ń dúdú ní dúdú tó ń dènà iná. Ó tún ń dín gíga ojú kọ́ńtáàtì kù, tí sípíríǹgì tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ á wá ní ibi tó jìnnà jù láti tẹ̀. Aṣọ gbígbẹ tí kò ní irun ni kí wọ́n fi nu ojú tó kàn ní eruku. Èyí tó ti ní ihò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta kọ́ńtáàtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ti gbogbo ọ̀nà iná inú rẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì. Bí wọn kò bá tà á, odindi ṣéńjófà ni.

Mo fẹ́ ra tuntun. Kí ni kí n wò?

Ẹ wo àwo ìkọ̀wé ara rẹ̀. Lórí èyí tó péye, ẹ ó rí `AC-21` àti `AC-23`, pẹ̀lú áńpù níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. `AC-21` jẹ́ ti ẹrù tí kò ní mọ́tò, bíi híítà àti áyọ́ọ̀nù. `AC-23` jẹ́ ti mọ́tò. Ṣéńjófà kan náà lè jẹ́ 63 fún èkíní kó sì kéré sí i fún èkejì. Bí ilé yín bá kún fún ẹ̀rọ amúlétutù àti pọ́ńpù, ti `AC-23` ni kí ẹ kà. Bí kò bá sí ju 63A ńlá kan lọ lára rẹ̀, ẹ má fi ọkàn sí iye náà.

Mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání lọ sọ́jà. Sípíríǹgì àti sikúrúù lè fà mọ́ ọn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí bàbà kọ́ńtáàtì bá fà mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi àwọ̀ idẹ bò ni, ẹ dá a padà.

Ẹ tún rántí wáyà. Mo máa ń lo wáyà bàbà mílímítà 16 fún ṣéńjófà 63. Ṣéńjófà 100 lórí wáyà mílímítà 10 kò sọ ilé yín di ilé áńpù 100. Wáyà ló máa jó báyìí. Bírékà tó wà níwájú gbọ́dọ̀ bá wáyà mu.

Wọ́n ní ká so wáyà papọ̀ tààrà títí a ó fi rówó ra òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ṣéńjófà ló ń dí jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ kó má baà ti iná jáde sórí òpó. Bí iná jẹnẹrétọ̀ yín bá jáde, tiráńsífọ́mà àdúgbò á gbà á ní òdìkejì, fóòtì 230 yín á sì di 11,000 lórí wáyà òkè, níbi tí òṣìṣẹ́ kan ti rò pé kò sí iná. Ó ń pa èèyàn. Bí iná NẸ́PÀ bá sì dé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, méjèèjì á pàdé, jẹnẹrétọ̀ á jó. Bí ẹ kò bá tíì lè ra ṣéńjófà, kí oníṣẹ́ iná so NẸ́PÀ nìkan mọ́ ilé, kí ẹ sì fi wáyà ìfàgùn gbé fáànù àti gílóòbù sórí jẹnẹrétọ̀ tààrà, láìkan wáyà ilé.

Ti aládàáṣe ni tiwa, òun náà ń kùn.

Ti aládàáṣe ní kọ́ńtáátọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì fa kọ́ńtáàtì mọ́ra, nítorí náà kíkùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò burú níbẹ̀. Bó bá di ariwo, òrùka bàbà kékeré tó wà lórí irin mágínẹ́ẹ̀tì lè ti ṣẹ́, tàbí kí eruku wà láàárín irin méjèèjì. Èyí tó léwu ni kó máa wọlé jáde, ká-ká-ká, nígbà tí iná NẸ́PÀ bá rẹlẹ̀. Fóòtì kò tó láti di mágínẹ́ẹ̀tì mú, gbogbo ìwọlé-jáde yẹn sì ń ta pàrà pẹ̀lú ẹrù ilé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ rẹ̀ lè jó kọ́ńtáàtì ju ọdún kan ìlò rere lọ. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fóòtì sí i, èyí tí kò ní jẹ́ kó wọlé bí iná bá ti rẹlẹ̀ jù.

Ọwọ́ ṣéńjófà há, kò fẹ́ kúrò lórí NẸ́PÀ.

Ẹ má fi ipá tì í, ẹ má sì fi òòlù lù ú. Ó ṣeé ṣe kí kọ́ńtáàtì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá fi ipá yí i, ọwọ́ lè dé apá jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ọ̀nà iná kan nínú rẹ̀ ṣì wà lára NẸ́PÀ. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ rárá. Ẹ pa bírékà ìdí mítà, ẹ pe oníṣẹ́ iná, kó sì fi mítà dán gbogbo ọ̀nà iná inú rẹ̀ wò ní òdo lẹ́yìn tó bá tún un ṣe, kó rí i pé kò sí èyí tó ṣì so mọ́ra.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi tuntun sí i, ìgbà wo ni kí wọ́n tún wò ó?

Lẹ́yìn bí oṣù kan àkọ́kọ́, kí oníṣẹ́ iná já iná lókè, kó sì tún gbogbo sikúrúù fún, torí wáyà tuntun máa ń jókòó lábẹ́ sikúrúù, á sì dẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó, kó jẹ́ kí ooru ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n gbọ́n eruku inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń fi ohun èlò ńlá kún ilé, bíi híítà tàbí ẹ̀rọ amúlétutù mìíràn, ẹ má dúró dé ọdún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kíláńpù mítà wọ̀n ọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá gbé e wọlé.